Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Gba Ojú Ìwé Méjì

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń tẹ ìwé, obìnrin kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Rúlà. Kì í ṣe pé ó ń fi rúlà na ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà níbẹ̀ tó tọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ prúùfù wò, ìyẹn àwọn ojú ìwé tí wọ́n ti tò tán bí wọn yóò ṣe rí gan-an nígbà tí ìwé bá jáde. Á gbé prúùfù sí ọwọ́ ọ̀tún, á gbé àfọwọ́kọ tí Olóòtú ti tún ṣe sí ọwọ́ òsì, á sì máa fi ojú rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Rúlà onígi kan, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́, ni ó máa ń tẹ́ sábẹ́ ìlà tó bá ń kà nínú àfọwọ́kọ. Bó bá rí ìlà náà nínú prúùfù bó ṣe rí i nínú àfọwọ́kọ, á sún rúlà sísàlẹ̀. Bí kò bá rí i bẹ́ẹ̀, rúlà kò ní kúrò lójú kan. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára.

Àwọn àmì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n ṣeré. Bí ọ̀rọ̀ kan bá fò, á fa ìlà kékeré méjì tó forí kora bí òrùlé sí ibi tó ti fò, á sì kọ ọ̀rọ̀ náà sí etí ìwé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá lé, á fa ìlà gba àárín rẹ̀, á wá kọ àmì ìyọkúrò tó ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ sí etí ìwé. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá gba ipò ara wọn, á fi ìlà tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ là wọ́n láàárín, pé kí kálukú padà sílé rẹ̀. Lẹ́yìn àmì etí ìwé kọ̀ọ̀kan, á fa ìlà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ń to ìwé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn parí síbẹ̀. Bíìrò pupa wà fún àṣìṣe ẹni tó to ìwé, búlúù wà fún ohun tí Olóòtú tàbí òǹkọ̀wé bá fẹ́, kí kálukú lè ru ẹrù ara rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àṣìṣe nìkan ni ó máa ń sàmì sí. Bí prúùfù bá ti bá àfọwọ́kọ mu, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ìbáà jẹ́ pé gbólóhùn náà rí wọ́gọwọ̀gọ. Bí nǹkan kan nínú àfọwọ́kọ fúnra rẹ̀ bá rú u lójú, á kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ fún Olóòtú, á fi ìlà yí i po, á sì kọjá. Ẹni tó wà lórí iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ máa ń tún gbólóhùn àwọn òǹkọ̀wé ṣe kí wọ́n lè dùn sí i. Wọ́n ní kó lọ máa dùn nílé ara rẹ̀.

Ìwé tó wà lórí tábìlì rẹ̀ lákòókò tí à ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ ọ́, ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀, dókítà ẹranko tó ti fẹ̀yìn tì tó sì rò pé ó yẹ kí aráyé mọ bí òun ṣe lo ayé òun láàárín màlúù. Nígbà tí Olóòtú gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, ó bi í bóyá kò ní ṣègbè.

"Rúlà mi kò mọ ẹbí, Ọ̀gá," ni èsì rẹ̀.

Olóòtú, ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tí irun rẹ̀ ti ń funfun nítorí àwọn òǹkọ̀wé, mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Dókítà kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọrùn. Ó ní prúùfù tirẹ̀ nílé, ó ń kà á, bó bá sì ti kà á díẹ̀, á gbé fóònù.

"Ṣé o ti dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹṣin?" ni ó bi àbúrò rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

"Mo ti kọjá ibẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Bá mi yí gbólóhùn yẹn padà. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti wá sí mi lọ́kàn, ó dùn ju èyí lọ."

"Ṣé èyí tó wà níbẹ̀ bá ohun tí ẹ kọ mu?"

"Báwo ni kò ṣe ní bá a mu? Èmi ni mo kọ ọ́."

"Kì í ṣe àṣìṣe nìyẹn. Ẹ sọ fún Olóòtú."

"Olóòtú ní kí n má pe òun mọ́."

"Òótọ́ ló sọ. Ìwé tó ti dé ibí, àṣìṣe nìkan là ń mú. Bí kálukú bá ń fi kún un, kò ní jáde láéláé."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Bí o ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Alágídí."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó padà sábẹ́ rúlà rẹ̀. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n kò bá pè é ní alágídí fún ìgbà pípẹ́, òun gan-an á rò pé ara rẹ̀ kò yá ni.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ìwé náà ti wọlé ni ó ti ń retí orí kẹrin. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí ẹ̀gbọ́n ń múra ìdánwò àṣejáde, àrùn kan mú un lójú. Wọ́n fi aṣọ dì í, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fojú kan ìwé. Àbúrò tó wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀ ló gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó ń ka ìwé sí i létí, ìwé nípa ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ orí, tí kò mọ ìdí. Bí ẹ̀gbọ́n bá fura pé ó fo ọ̀rọ̀ kan, á ní kó padà sẹ́yìn. Nígbà tó sú ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì mọ́ ọ̀rọ̀: ẹ̀dọ̀ kọmá, kíndìnrín kọmá, àti ọkàn àmì ìdánudúró, kí ẹ̀gbọ́n má baà rí ohun wí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó wá ń ṣe lẹ́yìnwá ọ̀la ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀, àti ìyá wọn tó ti lọ.

Ó fẹ́ kí ìwé náà sọ ọ́. Kò fẹ́ kí ó pọ̀, ìlà kan tó. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà obìnrin kò ṣáà lè máa kiri pé òun ń wá ara òun nínú ìwé, nítorí náà ó pinnu pé bí òun yóò bá pàdé rẹ̀, ní àyè rẹ̀ ni, lábẹ́ rúlà, nígbà tó bá kàn án.

Ó ń bá ìpinnu yẹn bọ̀ dáadáa títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí Olóòtú wá mú orí kẹrin àfọwọ́kọ lọ sí yàrá rẹ̀, pé òun fẹ́ fi í wo nǹkan kan nínú atọ́ka, àkójọ ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ojú ìwé wọn tó máa wà lẹ́yìn ìwé. Prúùfù orí kẹrin nìkan ló kù lórí tábìlì. Àǹtí Rúlà gbé tíì rẹ̀, ó mu ún. Ó gbé rúlà sọ́tùn-ún, ó tún gbé e sósì. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, ẹnìkan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lójú títì nísàlẹ̀. Ó gba prúùfù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láìsí àfọwọ́kọ.

Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá dán irú rẹ̀ wò lójú rẹ̀, á bá a wí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, pé prúùfù tí a kò gbé ti àfọwọ́kọ, ẹjọ́ apá kan ni. Ó mọ òwe náà. Ó kàn kà á ni.

Ohun tó rí nìyí: "Ojú ni ó dá mi dúbúlẹ̀ ní ọdún yẹn. Nígbà tí ìdánwò dé, mo yege, mo sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹranko." Ó parí síbẹ̀. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi ọ̀wọ́n ni ẹranko tí mo kọ́kọ́ wò sàn." Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí gba ojú ìwé méjì. Dókítà sọ bí etí rẹ̀ ṣe rí, ó sọ bó ṣe máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀ láti kí i, ó sọ pé ọgbọ́n rẹ̀ ju ti àwọn alábòójútó kan lọ.

Àǹtí Rúlà ka ojú ìwé méjèèjì tán, kò rí ara rẹ̀. Ó yí padà, ó tún kà á. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó dùn ún dé egungun. Ó mú bíìrò pupa, ó fa ìlà gba àárín "ọ̀wọ́n", ó sì kọ ìrù ẹlẹ́dẹ̀ sí etí ìwé, pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé-iṣẹ́ náà, kò tíì fi àmì sí ohun tí kì í ṣe àṣìṣe rí.

Bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ́ ọ, fóònù dún lákòókò yẹn gan-an.

"Àbúrò," ni Dókítà wí, ohùn rẹ̀ dùn, "mo ti fi àga kan sílẹ̀ fún ọ níwájú pátápátá, fún ọjọ́ tí a bá kó ìwé náà jáde."

"Ẹ fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yín."

Dókítà bi í pé, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wo?"

"Èyí tó gba ojú ìwé méjì."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn ti kú tipẹ́."

"Ẹ̀yin àti òun ni kí ẹ jọ lọ."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán kí ó tó rí i pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ẹ̀gbọ́n òun lọ sọ́run, pẹ̀lú ẹranko. Inú bíbí kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó la ẹnu láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n àmì tí wọ́n fi ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu kò tíì sí.

"Ó dáa," ni Dókítà wí, ó sì pa fóònù.

Kò pè mọ́. Kò pè nípa ìgbẹ́ ẹṣin, kò pè nípa ohunkóhun. Ìdákẹ́jẹ́ tí Àǹtí Rúlà ti ń tọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà dé, kò sì rí ohun tó máa fi í ṣe. Òun náà kò pè. Ó ní láti bẹ̀bẹ̀, ó sì rò pé òun ni ó yẹ kí wọ́n bẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró sí ọ̀fun rẹ̀, èyíkéyìí kò fẹ́ fún ìkejì lọ́nà.

Iṣẹ́ kò ṣáà dúró. Olóòtú dá orí kẹrin àfọwọ́kọ padà, ó ní prúùfù gbogbo gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, nítorí àwọn tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń retí. Àǹtí Rúlà tẹ́ rúlà sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Ìwé ọwọ́ Dókítà rí bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn láti kékeré. Ó ń sún rúlà, ó ń sún un, kò yára, títí ó fi dé "Ojú ni ó dá mi dúbúlẹ̀ ní ọdún yẹn." Ó rí i lọ́tùn-ún. Ó sún rúlà sísàlẹ̀.

Ìlà tó wà lábẹ́ rúlà kò sí lọ́tùn-ún.

Ó wo prúùfù, ó wo àfọwọ́kọ. Níbi tí prúùfù ti fo lọ bá ìdánwò, ohun tí Dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìyí: "Àbúrò mi obìnrin, alágídí ọmọ tí kì í gbà pé òun ṣìṣe, ni ó ń ka ìwé sí mi létí lójoojúmọ́. Kò fo kọmá kan, kò sì jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá di nǹkan kan láyé, ojú rẹ̀ ni mo fi kàwé ní ọdún yẹn."

Àǹtí Rúlà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ìtìjú sì tẹ̀ lé e gẹ́rẹ́, ó gba gbogbo àyè. Ó rántí àga iwájú. Ó rántí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó rán ènìyàn sí. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun àkọ́kọ́ tó tọ́ kó ṣe: ó fi àmì tó-tò-tó sábẹ́ "ọ̀wọ́n" tó ti fa ìlà gbà láàárín, ó fagi lé ìrù ẹlẹ́dẹ̀ etí ìwé, ó sì kọ "jẹ́ kó wà" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó gbé ìwé méjèèjì lọ bá Bàbá Kọ̀ǹpútà ní yàrá ẹ̀yìn. Bàbá Kọ̀ǹpútà ló ń to ìwé fún wọn, òun ló tẹ gbogbo àfọwọ́kọ Dókítà sínú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ti sọ pé òun kò ní tún irú rẹ̀ ṣe títí òun yóò fi kú. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà nínú àfọwọ́kọ.

"Ní ọdún yẹn," ó ní. Ìka rẹ̀ rìn sísàlẹ̀. "Ní ọdún yẹn. Ojú mi fò láti orí èyí bọ́ sí orí ìkejì."

"Bí mo ṣe rò ó nìyẹn."

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ tán, á gbójú sókè, ọ̀rọ̀ kan náà ni á tún rí. Ta ni àbúrò tí mo fò yìí? Ṣé a mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni."

Bàbá Kọ̀ǹpútà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní.

Olóòtú kò rí ọ̀rọ̀ náà bí ohun kékeré. Ó wo aago ara ògiri, ó wo ojú ìwé.

"Bí ìlà mẹ́rin ni," ó ní. "Yóò ti gbogbo ohun tó kù sísàlẹ̀. Mo sì ti parí atọ́ka."

"Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn orí kẹrin kò kún dé ìdajì, Ọ̀gá. Ibẹ̀ ni yóò mọ, kò ní dé orí karùn-ún. Nínú atọ́ka, àwọn tó bọ́ sí ojú ìwé mìíràn kò ju ti ewúrẹ́ àti ti abẹ́rẹ́ lọ. Mo ti wò ó."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ńkọ́?"

"Ojú ìwé tó wà náà ló ṣì wà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò yẹsẹ̀."

Olóòtú gbé bíìrò rẹ̀ lélẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin ni ìlà yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́jọ́ tí ìwé fẹ́ kúrò nílé, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wá fi ara rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi mí, kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Ó wà nínú àfọwọ́kọ. Ẹ̀yin náà ti kà á, ẹ fi kọmá kan síbẹ̀."

"Mo rí i." Olóòtú fa prúùfù mìíràn yọ nínú àpò ńlá kan, èyí tí Dókítà ti dá padà. Ó ṣí i sí orí kẹrin. "Ẹ wo tiwọn. Àwọn fúnra wọn kà á, wọ́n ṣàríwísí ìgbẹ́ ẹṣin, wọ́n ṣàríwísí orúkọ oògùn. Níbí, wọn kò kọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rí i pé kò sí mọ́, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọkàn èèyàn máa ń yí padà. Ẹ pè wọ́n. Bí wọ́n bá ní kí a dá a padà, mo fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kí a fi sílẹ̀, a fi sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ kò lè jẹ́ adájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ara yín."

Àǹtí Rúlà wo ojú ìwé náà. Etí rẹ̀ funfun báláú. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti kà á, ó rí i pé wọ́n ti yọ òun kúrò, ó sì ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ṣáájú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ta ló mọ ohun tó máa sọ lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́? Bó bá ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ìwé yóò jáde bẹ́ẹ̀, ọdún yẹn yóò sì di ọdún tí ọkùnrin kan dá nìkan yege. Ẹ̀rù bà á. Kò jókòó kó tó tẹ nọ́ńbà náà, kó má baà rí àyè ronú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọ̀sán o."

"Ta ni?" Ó mọ ẹni tó jẹ́.

"Èmi ni."

"Ṣé kò tíì tó àkókò ìsìnkú? Mo ti ń múra."

"Ẹ forí jì mí, Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni mo sọ. Mi ò rò ó kí n tó sọ ọ́."

"Kí ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣé ẹ ṣì ní ẹ̀dà prúùfù yín kan nílé?"

"Mo tẹ òmíràn sílẹ̀. Àgbà kì í gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ fún ẹnìkan."

"Ẹ bá mi ṣí orí kẹrin. Ibi tí ojú ti ń dùn yín."

Ó gbọ́ bí bébà ṣe ń pariwo. Lẹ́nu ọ̀nà, Olóòtú dúró, ó ṣe bí ẹni tó ń wo kàlẹ́ńdà.

"Mo ti rí i."

"Ṣé ó wà bí ẹ ṣe fẹ́?"

"Ó wà bí mo ṣe kọ ọ́. Mo ti kà á lákàtúnkà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà, tí a bá yọ ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kúrò."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àǹtí Rúlà lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó fara dà á. "Ẹ kà á fún mi."

Dókítà wúkọ́. "'Ojú ni ó dá mi dúbúlẹ̀ ní ọdún yẹn. Àbúrò mi obìnrin, alágídí ọmọ tí kì í gbà pé òun ṣìṣe, ni ó ń ka ìwé sí mi létí...'" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bébà tún pariwo. "Dúró ná."

"Mo wà ńbí."

"Ó wà níbí tẹ́lẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀ rí, Bọ̀ọ̀dá. Ojú ẹni tó to ìwé ló fò ó."

"Mo kà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ ni mo máa ń kà á."

"Ẹ kò kà á. Inú yín ló wà."

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi prúùfù lé òǹkọ̀wé nìkan lọ́wọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló máa ń rí, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Àǹtí Rúlà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn púpọ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ bí àléébù. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó.

"Ṣé torí èyí ni o fi ní kí n bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ?" ni Dókítà bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ka prúùfù, o kò wo àfọwọ́kọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ."

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ìwé mi kejì ni mo máa kọ ìyẹn sí." Ó dà bí ẹni pé ó ń rẹ́rìn-ín tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. "Kí ló wá kù?"

"Olóòtú ní ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá kí a dá a padà sínú ìwé, tàbí kí a fi sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Kí ni ìwọ rò?"

"Mi ò gbọdọ̀ rò ó. Ọ̀rọ̀ mi ni."

"Bó bá jẹ́ alágídí yẹn ni kò dùn mọ́ ọ, mo lè yọ ọ́. Mo sì lè gé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kúrú kí àyè lè wà."

"Méjèèjì kì í ṣe àṣìṣe."

Dókítà tún mí kanlẹ̀, mímí tí àbúrò rẹ̀ mọ̀ dáadáa. "Kà á sí mi létí," ó ní. "Kí n gbọ́ ohun tí mò ń fọwọ́ sí. Ojú mi tún ti ń ṣe bàìbàì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Àǹtí Rúlà tẹ́ rúlà sábẹ́ ìlà náà. Kò bìkítà fún Olóòtú tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tàbí Bàbá Kọ̀ǹpútà tó ti wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó kà á bó ṣe máa ń kà á lórí àpótí.

"'Àbúrò mi obìnrin kọmá. Alágídí ọmọ tí kì í gbà pé òun ṣìṣe kọmá. Ni ó ń ka ìwé sí mi létí lójoojúmọ́ àmì ìdánudúró. Kò fo kọmá kan kọmá. Kò sì jẹ́ kí n sùn àmì ìdánudúró. Bí mo bá di nǹkan kan láyé kọmá.'"

Ó dúró.

"O fo nǹkan," ni Dókítà wí.

"Mi ò fo nǹkan kan. Mo dúró ni."

"Kò sí àmì ìdúró níbẹ̀."

"'Ojú rẹ̀ ni mo fi kàwé ní ọdún yẹn.'" Ó nu imú rẹ̀. "Àmì ìdánudúró."

"Dá a padà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ó fi kún un pé, "Àga yẹn ńkọ́? Mo ti fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí o ṣe ní kí n ṣe."

"Ẹ bá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mo máa bá a sọ ọ́."

Olóòtú ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Rúlà mú bíìrò pupa, nítorí àṣìṣe ẹni tó to ìwé ni. Ó fa ìlà méjì tó forí kora bí òrùlé sí àárín "yẹn" àti "Nígbà". Ohun tó fò ti pọ̀ ju etí ìwé lọ, nítorí náà ó kọ A síbẹ̀, ó kọ "ó fò, wo àfọwọ́kọ" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ìlà yí i po, ó sì kọ A kan náà sí ara àfọwọ́kọ níbi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò fọwọ́ kan alágídí. Ó fa ìlà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, pé ọ̀rọ̀ yẹn parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó sún rúlà sísàlẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kàn.